Rìsíìtì 40 láti inú 3,000: ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì fi rí èsì méjì nínú fáìlì ọjà kan náà

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Wọ́n fún wa ní fáìlì ọjà títà oṣù mẹ́ta ní kíláàsì ìṣirò okòwò wa. Rìsíìtì 3,000 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ìpíndọ́gba páálí tí oníbàárà ń rà lórí rìsíìtì kan jẹ́ 20. Wọ́n ní ká fi rìsíìtì 40 dán ọ̀rọ̀ náà wò. Mo mú 40 àkọ́kọ́ nínú fáìlì, mo rí 17.6, p jẹ́ 0.065. Nígbà tí mo rí i pé ó kéré sí 20, mo yí i sí ìdánwò apá kan, èyí tó ń wo ìsàlẹ̀ 20 nìkan, p di 0.033, mo sì kọ ọ́ pé irọ́ ni ọ̀gá pa. Ọ̀rẹ́ mi mú 40 tirẹ̀, ó rí 18.2, p rẹ̀ jẹ́ 0.21, òun kọ ọ́ pé òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Olùkọ́ fagi lé tàwa méjèèjì. Níbo la ti ṣì í?"

Ìṣirò ẹ̀yin méjèèjì kò ní wàhálà. Ibi tí olùkọ́ ti fagi lé iṣẹ́ yín wà ṣáájú ìṣirò, níbi tí ẹ ti mú rìsíìtì 40 jáde. Ó sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ẹ ti sọ ohun tí p túmọ̀ sí, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kèké ṣe lè gbé irú èsì yín jáde tó bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá bá jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni ọ̀rẹ́ yín ṣẹ́ kèké mú 40 tirẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ dáa ju tiyín lọ títí dé gbólóhùn tó fi parí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ju ohun tó rí lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí fáìlì ọjà ṣe máa ń rí. Bí rìsíìtì bá ṣe ń wọlé ni ẹ̀rọ ṣe máa ń tò wọ́n, ti àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní lókè pátápátá, ti alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn nísàlẹ̀. Rìsíìtì 3,000 láàárín nǹkan bí 90 ọjọ́ túmọ̀ sí bíi 33 lójúmọ́. Nítorí náà, 40 àkọ́kọ́ yín jẹ́ gbogbo ọjà ọjọ́ kìn-ín-ní àti díẹ̀ nínú ti ọjọ́ kejì. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí ẹ wọ̀n kò pé ọjọ́ méjì. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ìsinmi, tàbí sí ìgbà tí ọjà ṣì ń bọ̀ lọ́nà, 17.6 lè jẹ́ òótọ́ ọjọ́ náà láì sọ ohunkóhun fún wa nípa ọjọ́ 88 tó kù.

Gbogbo ohun tí p lè sọ dúró lórí àdéhùn kan: pé rìsíìtì kọ̀ọ̀kan nínú 3,000 ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú 40. Nínú yíyàn tiyín, ó dájú pé 40 yóò wọlé, ó sì dájú pé 2,960 kò ní wọlé láéláé. Fọ́múlà kò mọ èyí. Nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá tẹ̀ fún un, yóò fún yín ní p, kò sì sí ohun kan nínú èsì náà tí yóò ta yín lólobó pé nǹkan ti wọ́. Ẹ má sì rò pé kíkó rìsíìtì púpọ̀ sí i yóò tún un ṣe. Bí ẹ bá mú 400 àkọ́kọ́ dípò 40, ọjọ́ 12 àkọ́kọ́ lẹ mú. Èyí tiẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ọ̀nà kan, nítorí p yóò kéré sí i, ọkàn yín yóò balẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn náà lè jìnnà sí òótọ́ bó ti jìnnà tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó ṣẹ́ kèké rárá, ẹ wo ohun tí ìlà kan nínú fáìlì dúró fún. Èyí ni mo kà sí ewu tó tóbi jù nínú iṣẹ́ orí ọjà títà, nítorí pé kì í hàn sójú. Ọ̀pọ̀ fáìlì kì í fún rìsíìtì kan ní ìlà kan. Irú ọjà kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà rà ló ń ní ìlà tirẹ̀, nọ́ńbà rìsíìtì kan náà á sì máa jáde léraléra. Ẹni tó ra irú ọjà kan ṣoṣo á ní ìlà kan, ẹni tó ra irú mẹ́sàn-án á ní ìlà mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ṣẹ́ kèké lórí ìlà, rìsíìtì ẹnì kejì yìí ní àǹfààní ìlọ́po mẹ́sàn-án ti ẹni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ òun náà ló sábà máa ń ní páálí púpọ̀ lórí. Bí ẹ bá wá ka gbogbo páálí orí rìsíìtì tí ìlà náà ti wá, ìpíndọ́gba yín yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá sì jẹ́ páálí orí ìlà nìkan lẹ kà, bí ẹni pé òun ni odindi rìsíìtì, ìpíndọ́gba yóò kéré ju bó ṣe yẹ. Kò ṣòro láti mọ èyí tó wà níwájú yín: ẹ ka iye ìlà, kí ẹ sì ka iye nọ́ńbà rìsíìtì tó dá yàtọ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ìlà kan ni rìsíìtì kan. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ fi PivotTable inú Excel kó páálí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan jọ sójú kan, orí àkójọ yẹn lẹ ó sì ti ṣẹ́ kèké.

Nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ wo bóyá nọ́ńbà òdì wà láàárín wọn. Páálí -12 sábà máa ń jẹ́ ọjà tí wọ́n dá padà. Ẹ lè pa ìlà náà rẹ́, tàbí kí ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò nínú páálí orí rìsíìtì tó kọ́kọ́ gbé e jáde. Ó sinmi lórí ohun tí ọ̀gá ní lọ́kàn nígbà tó sọ pé 20. Ohun tó pọn dandan ni pé kí ẹ pinnu kí ẹ tó rí èsì, kí ẹ sì kọ ìpinnu náà sínú iṣẹ́ yín.

Ó wá ku kèké. Ká ní páálí wà ní òpó B, láti B2 dé B3001. Ẹ kọ èyí sí C2, kí ẹ sì fà á sọ̀kalẹ̀ dé C3001:

```
=RAND()
```

Excel yóò fún rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan láàárín 0 àti 1, tí kò bá ọjọ́, páálí tàbí oníbàárà tan. Nọ́ńbà yìí máa ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ nǹkan míì sójú ìwé náà. Nítorí náà, ẹ ṣe àdàkọ òpó C, kí ẹ sì fi Paste Values lẹ̀ ẹ́ padà sórí ara rẹ̀, kó lè dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú gbogbo tábìlì pọ̀, ẹ tò ó láti kékeré sí ńlá gẹ́gẹ́ bí òpó C ṣe wí, kí ẹ sì mú 40 àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á mú òpó C nìkan, wọ́n á to òun nìkan. Páálí kò ní bá a lọ. Rìsíìtì tó wà lókè tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣì wà lókè, ẹ ó sì ti padà sí ọjà ọjọ́ kìn-ín-ní láìmọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá kèké náà ṣẹ́ dáadáa: ẹ wo déètì orí 40 tí ẹ mú. Oṣù mẹ́ta ló wà, nítorí náà ẹ máa retí bíi 13 láti oṣù kọ̀ọ̀kan. Kò ní pé pérépéré. Bí ẹ bá rí 9 láti oṣù kan àti 17 láti òmíràn, bí kèké ṣe ń rí nìyẹn, ẹ má ṣe fọwọ́ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí 30 bá ti inú oṣù kan ṣoṣo wá, ẹ padà lọ wo bí ẹ ṣe tò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì ń ṣẹ́ ẹ. Ẹni tó ṣẹ́ kèké, tó wo p, tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó tún òmíràn ṣẹ́, ti kúrò nídìí ìdánwò, ó ti ń wá ohun tó fẹ́ gbọ́.

Kì í ṣe kèké lásán nìkan ló wà. Ẹ lè mú rìsíìtì kan nínú 75 láti òkè dé ilẹ̀, nítorí 3,000 pín sí 40 jẹ́ 75, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fi kèké yan ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlà 1 àti 75. Ó rọrùn, ó sì máa ń kan gbogbo oṣù. Ẹ ṣọ́ra bó bá jẹ́ àkójọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú fáìlì dípò rìsíìtì, nítorí ẹni tó bá mú ìlà kan nínú méje níbẹ̀ yóò mú ọjọ́ Ajé nìkan, tàbí ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan, jálẹ̀ oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé àwọn oníbàárà ńláńlá àti àwọn kéékèèké yàtọ̀ síra gan-an, ẹ lè pín fáìlì sí ìsọ̀rí, kí ẹ ṣẹ́ kèké nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Fọ́múlà ìyẹn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fún yín, nítorí náà n kò ní gbà yín níyànjú láti lò ó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín ṣe é. Ẹ kò sọ bí páálí ṣe túká tó láti rìsíìtì kan sí èkejì, àmọ́ ìpíndọ́gba rẹ̀ àti p rẹ̀ ti sọ ọ́: ó ní láti jẹ́ bíi 9. Ohun tí 9 yìí ń wí ni pé rìsíìtì kan máa ń jìnnà sí ìpíndọ́gba tó bíi páálí 9, sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìpíndọ́gba rìsíìtì 40 kì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ga àti àwọn tó kéré máa ń pa ara wọn rẹ́ nínú rẹ̀. Láti mọ bó ṣe máa ń yẹ̀ tó, a ó pín 9 pẹ̀lú gbòǹgbò 40, ìyẹn 6.32, a ó sì rí bíi 1.42. Nọ́ńbà yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ ìdánwò náà. Ó ń sọ pé bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ́ kèké rìsíìtì 40 láti inú fáìlì yìí, ìpíndọ́gba wọn yóò máa yẹ̀ sí ti fáìlì tó bíi páálí kan ààbọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. 18.2 fi 1.8 dín sí 20. 1.8 pín sí 1.42 fún wa ní bíi 1.27. Èyí là ń pè ní t; nítorí pé 18.2 wà nísàlẹ̀ 20, t jẹ́ -1.27. Lójú ìwé Excel, bí 40 náà bá wà ní B2 dé B41, ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sí E1, E2, E3 àti E4:

```
=AVERAGE(B2:B41)
=STDEV.S(B2:B41)
=(E1-20)/(E2/SQRT(40))
=T.DIST.2T(ABS(E3),39)
```

39 ni 40 dín ọ̀kan, nítorí a ti lo ẹyọ ìmọ̀ kan láti rí ìpíndọ́gba. Àkámọ́ inú E3 ṣe pàtàkì gan-an. Bí ẹ bá gbàgbé èyí tó yí E2/SQRT(40) ká, Excel yóò tún fi 6.32 pín ohun tó yẹ kó fi í sọ di púpọ̀, t yóò sì bọ́ sí -0.03. Bí ẹ bá sì gbàgbé SQRT(40) pátápátá, t yóò jẹ́ -0.2. Nígbàkígbà tí t bá lẹ̀ mọ́ 0 báyìí, nígbà tí ìpíndọ́gba yín fi páálí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì yàtọ̀ sí 20, ẹ padà lọ wo àkámọ́ yín.

Ìdí tí a fi ń lo t ni pé àwa fúnra wa la fi rìsíìtì 40 fojú bu 9 yẹn. Òun náà lè yẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni William Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1908, nítorí àpẹẹrẹ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kéré púpọ̀. Ní ti 40, ìyàtọ̀ tó mú wá kò pọ̀: ààlà tí t gbọ́dọ̀ kọjá kí p tó lọ sísàlẹ̀ 0.05 jẹ́ 2.02 dípò 1.96 tí à bá lò ká ní a mọ ìtúká gbogbo fáìlì.

p ọ̀rẹ́ yín wá jẹ́ 0.21. Ohun tó ń sọ rèé: ká ní òótọ́ ni pé ìpíndọ́gba gbogbo fáìlì jẹ́ 20, nínú ọgọ́rùn-ún kèké tí a bá ṣẹ́, bíi 21 ni ìpíndọ́gba wọn yóò jìnnà sí 20 tó bí 18.2 ti jìnnà sí i, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sókè tàbí sísàlẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí ibi tí gbólóhùn náà ti bẹ̀rẹ̀: "ká ní òótọ́ ni." p ti gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, nítorí náà kò lè padà wá sọ fún wa bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá jẹ́ òótọ́. 0.033 tiyín kò sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá ní àǹfààní 3 péré nínú 100 láti jẹ́ òótọ́. 0.21 tirẹ̀ kò sì sọ pé ó ní 21. Ẹ tún wò ó báyìí: bí ẹ bá jẹ́ 60 nínú kíláàsì, tí oníkálukú ṣẹ́ kèké tirẹ̀ dáadáa, tí ìpíndọ́gba fáìlì sì jẹ́ 20 lóòótọ́, ẹ máa retí kí bíi ẹni mẹ́ta rí p tó kéré sí 0.05. Àwọn mẹ́ta náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Iye tí a gbà láti san nìyẹn nígbà tí a fi 0.05 ṣe ààlà. Nítorí náà, pé èsì ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín yàtọ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ní láti jẹ̀bi.

Ní ti ìdánwò apá kan, ibẹ̀ ni mo rò pé olùkọ́ yín ti bínú jù, mo sì gbè é. Apá kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ nípa ẹ̀gbẹ́ kan nìkan, bíi ká ní àdéhùn wà pé bí ìpíndọ́gba bá kéré sí 20 a ó gé iye ọjà tí a ń kó wá, tí kò sì sí ohun tí a ó ṣe yàtọ̀ bó bá ga ju 20 lọ, ìdánwò apá kan ló yẹ. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣí fáìlì la ti ń pinnu bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́kọ́ rí 17.6, ẹ wá yan apá ìsàlẹ̀. Ká ní 22.4 lẹ rí, apá òkè lẹ ò bá yàn. Ìyẹn ni pé apá méjèèjì lẹ ń ṣọ́ ní tòótọ́, tí ẹ sì ń fi ààlà 5 nínú 100 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní láti fẹ̀sùn kan ọ̀gá tí kò jẹ̀bi ti di 10 nínú 100, bẹ́ẹ̀ 5 lẹ kọ sínú iṣẹ́ yín. p tó tọ́ sí iṣẹ́ yín ni 0.065 tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí, òun náà sì dúró lórí 40 tí kò ti ọwọ́ kèké wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín, tó ní òótọ́ ni ọ̀gá sọ nítorí p ga. Ẹ fi rìsíìtì 40 rẹ̀ kan náà dán ọ̀rọ̀ míì wò, ká ní ọ̀gá sọ pé 16 ni ìpíndọ́gba. t yóò jẹ́ bíi 1.55, p yóò jẹ́ bíi 0.13. Ìyẹn náà kò kọjá ààlà. Ṣé a ó wá sọ pé òótọ́ ni 16, òótọ́ sì tún ni 20? Ìdánwò náà kàn ń sọ pé rìsíìtì 40 wọ̀nyí kò lè já ìkankan nínú méjèèjì nírọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ààlà ìgbẹ́kẹ̀lé sílẹ̀ pẹ̀lú p. Láti rí i, ẹ sọ 1.42 di púpọ̀ pẹ̀lú 2.02, ẹ ó rí bíi 2.9, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 18.2, ẹ sì fi kún un. Yóò lọ láti 15.3 dé 21.1. Iye tó bá wà láàárín wọn kò ta ko ohun tí ọ̀rẹ́ yín rí. 20 wà níbẹ̀, 16 wà níbẹ̀, 21 náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ààlà tó fẹ̀ báyìí kò ní ṣòro fún un láti mọ̀ pé kò tíì sí ìdájọ́.

Ṣé rìsíìtì 40 tiẹ̀ tó fún ìbéèrè yìí? Ká ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìpíndọ́gba jẹ́ 18, tí ọ̀gá sì fi páálí méjì bù mọ́ ọn. Pẹ̀lú ìtúká 9, ìdánwò rìsíìtì 40 yóò ká a mọ́ ní bíi 3 péré nínú 10. Nínú 7 tó kù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí p tó ga, tí kò bá sì ṣọ́ra, yóò kọ ọ́ pé ọ̀gá sọ òótọ́. Bí a bá fẹ́ kí ó ká a mọ́ ní 8 nínú 10, a nílò bíi rìsíìtì 160. Ọ̀nà tí a fi rí i nìyí: ẹ sọ ìtúká di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, 81, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 7.84, nọ́ńbà tó bá ààlà 0.05 apá méjì àti agbára 8 nínú 10 mu. Ẹ wá pín in pẹ̀lú ìyàtọ̀ tí ẹ fẹ́ rí, tí a ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, èyí tí í ṣe 4 níhìn-ín. Bó bá jẹ́ ìyàtọ̀ páálí kan lẹ fẹ́ rí, ẹ ó nílò bíi 635. Bí ìyàtọ̀ bá dín sí ìdajì, rìsíìtì á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣirò kò lè sọ fún yín bóyá páálí méjì tó ohun à ń jà lé lórí. Ẹni tó mọ ọjà náà ló lè sọ ọ́, ó sì yẹ kó ti sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ ó bá pàdé nínú fáìlì ọjà láìpẹ́, bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀. Ọjà títà kì í túká dọ́gba sí apá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ rìsíìtì máa ń kéré, díẹ̀ á tóbi gan-an. Ká ní 39 nínú rìsíìtì yín ní ìpíndọ́gba 18.2 àti ìtúká 9, kí ọ̀kan tó kù jẹ́ ti oníbàárà tó ra páálí 200. Ìpíndọ́gba á fò sókè dé 22.7, ìtúká á fò láti 9 dé bíi 30, t yóò sì jẹ́ 0.58 péré. Rìsíìtì kan ṣoṣo ti gbé ìpíndọ́gba láti ìsàlẹ̀ 20 lọ sókè rẹ̀, ó sì tún ti fọ́ ojú ìdánwò náà kó má lè rí ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá àṣìṣe títẹ̀ ni, bóyá 20 ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Bó bá jẹ́ àṣìṣe, ẹ tún un ṣe. Bó bá jẹ́ ojúlówó ọjà, ẹ kò láṣẹ láti yọ ọ́ jù nítorí pé ó ń dí yín lọ́wọ́, nítorí ó wà nínú ohun tí ọ̀gá ń pè ní ìpíndọ́gba. Ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí i, kí ẹ sì fi méjèèjì hàn. Bí irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú fáìlì, 40 kéré jù fún t láti ṣeé gbára lé, ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ńláńlá sì yẹ ní ìsọ̀rí tirẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé nígbà tí gbogbo rìsíìtì 3,000 wà lọ́wọ́ wa, kí la tún ń ṣẹ́ kèké fún? Ìbéèrè gidi ni. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta yẹn nìkan ni ọ̀gá ń sọ, tí fáìlì náà sì pé, ẹ kọ `=AVERAGE(B2:B3001)`, ẹ ti rí ìdáhùn, kò sí p kankan tó kù láti wá. Olùkọ́ yín ní kí ẹ mú 40 kí ẹ lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, àti nítorí pé nígbà tó bá jẹ́ orí ìwé ni rìsíìtì wà, kíka 3,000 kì í ṣe ohun à ń ṣe lójúmọ́. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi iṣẹ́ yín sílẹ̀, kí ẹ fi wò ó bóyá ààlà yín mú un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń rà ni ọ̀gá ń sọ, títí kan oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, 3,000 náà fúnra rẹ̀ jẹ́ apá kan lásán, kì í sì í ṣe kèké ló yàn án. Àkókò kan ṣoṣo nínú ọdún ló ti wá. Kèké yín lórí fáìlì, bó ti wù kó dáa tó, kò lè sọ ohun tí oníbàárà yóò rà ní àkókò míì.

Bí ẹ bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà fi sílẹ̀, ẹ kọ àbá yín sókè kí ẹ tó ṣí fáìlì: H0 ni pé ìpíndọ́gba fáìlì jẹ́ 20, H1 ni pé kì í ṣe 20, apá méjì, ààlà 0.05. Ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣẹ́ kèké àti ohun tí ẹ ṣe sí ọjà tí wọ́n dá padà. Lẹ́yìn ìṣirò, bó bá jẹ́ irú nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín lẹ rí, gbólóhùn tí mo máa fún ní máàkì pípé rèé: "Nínú rìsíìtì 40 tí a fi kèké yàn láti inú 3,000, ìpíndọ́gba páálí jẹ́ 18.2, ààlà ìgbẹ́kẹ̀lé 95% jẹ́ 15.3 sí 21.1, t jẹ́ -1.27, p jẹ́ 0.21; a kò rí ẹ̀rí tó láti sọ pé ìpíndọ́gba oṣù mẹ́ta náà yàtọ̀ sí 20, ṣùgbọ́n rìsíìtì 40 kò tó láti mọ̀ bóyá ó fi páálí méjì tàbí mẹ́ta dín sí i."